Àdírẹ́ẹ̀sì Ẹnu Ọ̀nà Ni Kí Ẹ Fún Wọn, Kì Í Ṣe Ti Sáfà

Bí ilé-iṣẹ́ tí a fẹ́ bá da òwò pọ̀ bá ní kí a fi àdírẹ́ẹ̀sì IP sáfà wa ránṣẹ́ kí àwọn lè gbà wá láàyè, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. A ó ṣí ojú ìwé kíláòdù, a ó da nọ́ḿbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ sáfà kọ, a ó sì fi ránṣẹ́ nínú íméèlì. Èrò mi ni pé àṣà yìí kò dára, àti pé àwọn tí kò mọ ohunkóhun nípa kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń jìyà rẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì tó yẹ kí a fi lé wọn lọ́wọ́ ni ti ẹnu ọ̀nà tí gbogbo sáfà wa ń gbà jáde. N ó sọ ìdí rẹ̀, n ó fi bí a ṣe ń ṣe é hàn, n ó sì sọ iye tó ń náni àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìdí tí wọ́n fi ń béèrè. Ká ní ilé-iṣẹ́ tó ń bá ènìyàn fi owó ránṣẹ́ sí bánkì ni. Wọ́n ti fún wa ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí ètò wa ń fi hàn wọ́n ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ sanwó. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹnì kan lè ṣèèṣì gbé e sórí GitHub, òṣìṣẹ́ tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ sì lè ṣì ní in lọ́wọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní àkọsílẹ̀ àwọn àdírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n gbà láàyè. Bí kọ́kọ́rọ́ bá tilẹ̀ pé, tí ìbéèrè náà kò bá ti ọ̀kan nínú àwọn àdírẹ́ẹ̀sì wọ̀nyẹn wá, wọn kò ní dá a lóhùn. Ọgbọ́n tó dára ni. Ibi tí wàhálà wà ni pé àkọsílẹ̀ yìí kì í yí padà kíákíá, nígbà tó jẹ́ pé sáfà orí kíláòdù ń yí padà lójoojúmọ́.

Lórí AWS, tí mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé òun ni mo fi ṣiṣẹ́, sáfà tí a bá fún ní àdírẹ́ẹ̀sì ìta lásán kò ni àdírẹ́ẹ̀sì náà. Wọ́n yá a ni. Bí a bá kàn tún sáfà náà bẹ̀rẹ̀, àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ kò ní yí padà. Ṣùgbọ́n bí a bá dá a dúró pátápátá tí a sì tún tàn án, àdírẹ́ẹ̀sì ti àkọ́kọ́ ti padà sínú agbada AWS nìyẹn, òmíràn ni yóò bá wọlé. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ètò tó ń fi sáfà kún sáfà fúnra rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, tó sì ń yọ ọ́ kúrò nígbà tí iṣẹ́ bá dínkù. Sáfà tuntun kọ̀ọ̀kan ń bọ̀ pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo rí àbájáde rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Èkó níbi tí mo ti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹnu iṣẹ́ tí a ń pè ní ÀÍTÌ. Iṣẹ́ wọn ni láti máa san owó iṣẹ́ òòjọ́ fún àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé ẹrù kiri. Sáfà méjì ni wọ́n ní, àdírẹ́ẹ̀sì méjèèjì sì wà nínú àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn fi owó ránṣẹ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ pọ̀ débi pé ètò náà tan sáfà kẹta fúnra rẹ̀. Apínṣẹ́ tó wà níwájú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pín iṣẹ́ fún sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ń padà wá pẹ̀lú èsì 403, èyí tó túmọ̀ sí pé wọn kò gbà á láàyè.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro ni pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́. Ọlọ́kadà kan gba owó, ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ dúró kò gbà. Bí ẹni tí kò gbà bá tún tẹ fóònù rẹ̀, ó lè bọ́ sọ́wọ́ sáfà àkọ́kọ́, kí owó sì wọlé. Àwọn tó ń dáhùn ìpè oníbàárà ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa gbìyànjú lọ. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, iṣẹ́ ti dínkù, ètò ti pa sáfà kẹta, gbogbo nǹkan sì ń lọ dáadáa. Kò sí ẹ̀rí kankan mọ́ lójú, títí di ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e.

Ọ̀nà tí wọ́n fi rí i kò le, ó sì yẹ kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ńjíníà àgbà ibẹ̀ kó gbogbo èsì 403 jọ, ó sì tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí orúkọ sáfà tó rán ìbéèrè náà. Gbogbo wọn pátá, láti orí sáfà kẹta ni. Bí kọ́kọ́rọ́ àṣírí bá ló bàjẹ́, sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìbá kan. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn alájọṣe ló ní ìṣòro, bákan náà ni. Àṣìṣe tó bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo, tó sì ń lọ tó ń bọ̀ pẹ̀lú iye sáfà, àdírẹ́ẹ̀sì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹnì kan dábàá pé kí wọ́n fi àdírẹ́ẹ̀sì kẹta kún àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ni àwọn alájọṣe máa ń lò kí wọ́n tó fọwọ́ sí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀, sáfà náà yóò sì ti kú kí wọ́n tó ṣe é. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n bẹ àwọn alájọṣe kí wọ́n gba gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì AWS láàyè, nítorí pé AWS fúnra wọn ń gbé gbogbo rẹ̀ jáde nínú fáìlì kan tí ẹnikẹ́ni lè kà, `ip-ranges.json`. Èyí ni mo lòdì sí jù lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ní káàdì bánkì lè yá sáfà lórí AWS. Bí a bá gba gbogbo wọn láàyè, a ti yọ ilẹ̀kùn kúrò pátápátá nìyẹn, a kàn fi férémù rẹ̀ sílẹ̀ lásán.

Ojútùú tó tọ́ ni ohun tí ojú ìwé AWS pè ní `NAT gateway`. N ó máa pè é ní ẹnu ọ̀nà NAT. Ẹ ro ọ́fíìsì ńlá kan tó ní tẹlifóònù ogún lórí tábìlì, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé bí èyíkéyìí nínú wọn bá pe ìta, nọ́ḿbà kan ṣoṣo ló ń hàn lójú fóònù ẹni tí wọ́n pè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Àwọn sáfà wà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì abẹ́lé, bíi 10.0.2.15 àti 10.0.2.16. Bí ọ̀kan bá fẹ́ bá ìta sọ̀rọ̀, ẹnu ọ̀nà náà yóò pa àdírẹ́ẹ̀sì abẹ́lé rẹ́, yóò fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀, yóò sì fún ìbánisọ̀rọ̀ náà ní nọ́ḿbà pọ́ọ̀tù kan tí yóò kọ sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí èsì bá dé sí pọ́ọ̀tù yẹn, yóò wo ìwé náà, yóò sì mọ sáfà tó ni ín. Ẹni tó wà níta kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìbánisọ̀rọ̀ wọlé gba ibẹ̀, nítorí kò sí ohun tí a kọ sílẹ̀ fún un.

Bí a ṣe ń tò ó nìyí. A ó pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa sí abala méjì. Abala gbangba, ká ní 10.0.1.0/24, ní ọ̀nà tààrà lọ sí íńtánẹ́ẹ̀tì. Inú rẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà NAT yóò wà, pẹ̀lú apínṣẹ́ tí àwọn oníbàárà ń gbà wọlé. Abala ìkọ̀kọ̀, 10.0.2.0/24, ni àwọn sáfà yóò wà, láìní àdírẹ́ẹ̀sì ìta kankan. Lẹ́yìn náà, a ó gba àdírẹ́ẹ̀sì kan tí kì í yí padà, èyí tí AWS kọ sójú ìwé wọn ní `Elastic IP`, a ó fi í sára ẹnu ọ̀nà náà, a ó sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ọ̀nà abala ìkọ̀kọ̀ pé ibẹ̀ ni kí gbogbo ohun tó ń lọ sí ìta gbà. Àṣẹ mẹ́ta péré ni, tí a bá fi orúkọ tiwa rọ́pò àwọn tí mo kọ síbẹ̀:

```
aws ec2 allocate-address --domain vpc
aws ec2 create-nat-gateway --subnet-id subnet-GBANGBA \
  --allocation-id eipalloc-TIWA
aws ec2 create-route --route-table-id rtb-IKOKO \
  --destination-cidr-block 0.0.0.0/0 --nat-gateway-id nat-TIWA
```

Ètò tí a ó tẹ̀ lé ṣe pàtàkì ju àwọn àṣẹ náà lọ. Àṣẹ àkọ́kọ́ ni yóò fún wa ní àdírẹ́ẹ̀sì, ká ní 203.0.113.25. Ibẹ̀ ni kí a ti dúró. Kí a fi í ránṣẹ́ sí alájọṣe, kí a sì dúró títí wọn yóò fi dáhùn pé ó ti wà nínú àkọsílẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí a tó gbé iṣẹ́ gba ọ̀nà tuntun. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yí ọ̀nà padà kó tó sọ fún wọn yóò dá gbogbo owó sísan dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. Bákan náà, a kò lè gbé sáfà tó wà ní abala gbangba lọ sí abala ìkọ̀kọ̀ bí ẹni gbé àga. Tuntun ni a ó tàn síbẹ̀, tí a ó sì pa ti àtijọ́ lẹ́yìn tí tuntun bá ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá dúró tán, kí a sọ fún alájọṣe pé kí wọ́n yọ àwọn àdírẹ́ẹ̀sì sáfà ti tẹ́lẹ̀ kúrò.

Láti mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́, ẹ wọ orí sáfà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tẹ èyí:

```
curl https://checkip.amazonaws.com
```

Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ dáhùn 203.0.113.25. Bí ọ̀kan bá mú àdírẹ́ẹ̀sì mìíràn wá, abala gbangba ni ó ṣì wà, ó sì ń gba ọ̀nà tirẹ̀ jáde láì fi ojú kan ẹnu ọ̀nà NAT. Bí àṣẹ náà bá dúró gbagidi tí kò dáhùn rárá, ẹ wò ó bóyá inú abala ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ṣèèṣì kọ́ ẹnu ọ̀nà náà sí. Ẹnu ọ̀nà tí kò ní ojú títì níwájú rẹ̀ kò lè gbé ẹnikẹ́ni dé ibì kankan.

Àwọn kan yóò ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù. Wọn kò purọ́. Ní ẹkùn Virginia, ẹnu ọ̀nà NAT kan ń gba dọ́là 0.045 ní wákàtí kan, yálà a lò ó tàbí a kò lò ó. Bí a bá ka oṣù kan sí wákàtí 730, dọ́là 32.85 nìyẹn. Àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ń gba dọ́là 0.005 ní wákàtí kan, nítorí pé láti oṣù kejì ọdún 2024 ni AWS ti ń gba owó lórí gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì ìta irú èyí. Ìyẹn dọ́là 3.65. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ dọ́là 36.50 lóṣù. Lẹ́yìn èyí, wọ́n tún ń gba dọ́là 0.045 lórí gígábáìtì kọ̀ọ̀kan tó bá gba ibẹ̀ kọjá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà dé òpin. Ìbéèrè fún owó sísan kéré púpọ̀, kò lè kó gígábáìtì jọ. Ohun tó máa ń gbé owó náà ga ni àwòrán àti fáìlì tí sáfà ń gbé lọ sínú S3, AWS sì ní ọ̀nà àbùjá kan fún ìyẹn, `gateway endpoint`, tí kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ṣe ọ̀nà àbùjá yìí yóò rí i pé owó gígábáìtì rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn sáfà abala ìkọ̀kọ̀ kò sì san owó àdírẹ́ẹ̀sì ìta mọ́. Ilé-iṣẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan dín dọ́là 7.30 kúrò lóṣù lórí sáfà méjì tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀.

Mo gbà pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó kàn. Bí sáfà kan ṣoṣo ni ẹ ní, tí ẹ kò sì ní fi kún un, ẹ fi `Elastic IP` sára rẹ̀ tààrà, ó tó. Lọ́jọ́ tí ẹnu ọ̀nà bá di dandan, ẹ lè tú àdírẹ́ẹ̀sì yẹn kúrò lára sáfà, kí ẹ fi í sára ẹnu ọ̀nà NAT, alájọṣe kò sì ní í mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Àdírẹ́ẹ̀sì tí AWS yá sáfà lásán kò ṣeé gbé báyìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí àdírẹ́ẹ̀sì tí a fún ènìyàn jẹ́ èyí tí a lè gbé láti orí nǹkan kan sí òmíràn.

Ẹnu ọ̀nà yìí náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àkọ́kọ́, èyí tí mo júwe yìí wà ní àgbègbè kan ṣoṣo nínú ẹkùn AWS. Bí iná bá kú ní àgbègbè náà, gbogbo ohun tó ń gba ibẹ̀ jáde yóò dúró. Ẹni tí owó ènìyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní méjì, ní àgbègbè méjì. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ tíì rówó kọ́ èkejì, ẹ gba àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fún alájọṣe ní méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Dọ́là 3.65 ni yóò máa náni lóṣù, àmọ́ ẹ kò ní máa bẹ ẹnikẹ́ni fún ọjọ́ mẹ́ta lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́.

Èkejì, ẹnu ọ̀nà náà máa ń gbàgbé ìbánisọ̀rọ̀ tó bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 350. Bí sáfà bá ṣí ojú ọ̀nà sílẹ̀ sọ́dọ̀ alájọṣe, tí kò lò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tó wá fẹ́ fi í san owó, yóò gbọ́ pé wọ́n ti já okùn náà. Àmì rẹ̀ ni pé ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ ló máa ń kùnà, èyí tó tẹ̀lé e a sì lọ. Ẹ jẹ́ kí ètò yín máa pa ojú ọ̀nà tí kò lò fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó sì ṣí tuntun.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù lọ. Gbogbo ohun tó bá wà lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà kan ni alájọṣe ń rí bí ẹnì kan ṣoṣo. Bí sáfà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ fi ń dán nǹkan wò bá wà ní abala ìkọ̀kọ̀ kan náà, àlejò tó bá wọ inú sáfà ìdánwò yẹn ti ní àdírẹ́ẹ̀sì tó lè sanwó. Nítorí náà, kí ètò tó ń sanwó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, kí ti ìdánwò sì wà lọ́tọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì torí pé àdírẹ́ẹ̀sì ti wà, kó wá fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí ṣeré.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí nígbà tí a bá ń kógbá wọlé. Bí a bá pa ẹnu ọ̀nà NAT rẹ́, àdírẹ́ẹ̀sì náà ṣì jẹ́ tiwa, owó rẹ̀ sì ń lọ. Ẹni tó ń wá bí owó ṣe máa dínkù lè wá dá a padà fún AWS. Láti ìṣẹ́jú yẹn, AWS lè fún oníbàárà mìíràn, orúkọ rẹ̀ yóò sì ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ alájọṣe gẹ́gẹ́ bí tiwa. Kí a kọ́kọ́ ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n sì fi ìwé dáhùn, kí a tó dá a padà.

Ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, bí akẹ́kọ̀ọ́ àṣekágbá bá wá ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, àwòrán tó máa ń gbé sára ògiri sábà máa ń fi ọ̀nà tí oníbàárà ń gbà wọlé hàn dáadáa. Ọ̀nà tí sáfà ń gbà jáde kì í sí níbẹ̀. Mo rọ àwọn olùkọ́ wa kí wọ́n máa béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá kan ilé-iṣẹ́ mìíràn: àdírẹ́ẹ̀sì wo ni àwọn tó wà lódìkejì ń rí, ta ló ni ín, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ sí i bí sáfà rẹ bá kú lóru òní? Ẹni tí kò bá lè dáhùn kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.